Abo Jámánì Ṣẹ́pádì ọmọ oṣù 7 ní Ìjẹ̀bú-Òde: ṣé kí n yọ ilé ọmọ rẹ̀ báyìí, àbí kí n dúró?

Adùnní Mòbálùfọ̀n:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní abo Jámánì Ṣẹ́pádì kan, ó ti pé oṣù 7, ó wọn kìló 24, kò tíì rí híìtì tí abo fi ń gba akọ rárá. Dókítà tó ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní kí n gbé e wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí híìtì tó bẹ̀rẹ̀, pé ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó ní jẹjẹrẹ ọmú. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, kí n jẹ́ kó bímọ lẹ́ẹ̀kan ná. Ògiri ilé wa kò ga, akọ èkùkẹ́ méjì sì máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. N kò fẹ́ fi ṣòwò ọmọ ajá, kó ṣọ́lé ni mo fẹ́. Ìgbà wo ló yẹ kí n ṣe é?

Ògbójú Ìpẹru:
Àǹtí, ẹ má gbé e lọ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin Ṣẹ́pádì àti Rọtiwélà tà ní Ìpẹru níbí. Àwọn tí wọ́n bá tètè yọ ilé ọmọ wọn, ẹsẹ̀ wọn máa ń ga jù, tí wọ́n bá sì dàgbà tán wọ́n á máa tiro lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó gba akọ lẹ́ẹ̀kan, kó bímọ, kára ẹ̀ balẹ̀. Ìbímọ yẹn gan-an ló máa ń fọ ilé ọmọ mọ́, àrùn ọmú kò sì ní ṣe é mọ́. Tí ẹ bá yọ ọ́ báyìí, kò ní gbó mọ́. Á kàn máa jẹun, á máa sùn, á máa sanra.

Màmá Lásà:
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní irú ìṣòro yìí. Ajá Lásà tèmi ń gbé ẹsẹ̀ tọ̀ sára àga àti kọ́tìnì, kò sí ohun tí n kò tíì ṣe fún un. Kìló 6 ni, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ń gbé. Ṣé èmi náà máa dúró de híìtì kó tó di pé mo gbé e lọ?

Olùṣọ́ Ọ̀dọ̀gbólú:
Mọ̀mí, ajá tó ń gbé ẹsẹ̀ tọ̀ sára kọ́tìnì, akọ nìyẹn. Akọ kì í rí híìtì. Abo ni Àǹtí Adùnní ń béèrè nípa rẹ̀. Ẹ ní sùúrù, dókítà á dá yín lóhùn.

Dókítà Ẹran Ṣágámù:
Àǹtí Adùnní, ẹ kú àfojúsùn. Iṣẹ́ dókítà ẹranko ni mo ń ṣe. Ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Ìpẹru pín sí méjì: ohun tó sọ nípa ẹsẹ̀ tọ̀nà, ohun tó sọ nípa bíbímọ kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹsẹ̀. Ní ìpẹ̀kun eegun gígùn ọmọ ajá, ibì kan wà tó ṣì rọ̀. Ibẹ̀ ni eegun ti ń gùn sí i. Họ́móònù tó ń wá láti ilé ẹyin abo, tàbí láti kórópọ̀n akọ, wà lára ohun tó ń sọ fún ibẹ̀ pé ó tó, kó le. Ajá kékeré bíi Lásà máa ń parí gígùn kó tó pé ọdún kan. Ṣẹ́pádì kò tíì ṣe tán ní oṣù 7, ó sábà máa ń tó ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Tí a bá yọ ilé ẹyin pẹ̀lú ilé ọmọ kúrò báyìí, àmì “ó tó” yẹn á pẹ́ kó tó dé, eegun á sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Oríkèé orúnkún ẹ̀yìn kò ní jókòó bó ṣe yẹ kó jókòó, okùn líle tó di orúnkún mú nínú á sì máa gbé ẹrù tí kò yẹ kó gbé. Ọjọ́ kan ajá á sáré yí po, okùn yẹn á já. Títiro tí Bọ̀ọ̀dá Ìpẹru ń rí nìyẹn.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Kalifóníà ní Défíìsì gbé àkọsílẹ̀ Jámánì Ṣẹ́pádì 1,170 jáde lọ́dún 2016. Nínú abo tí wọn kò fọwọ́ kàn, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣòro oríkèé. Nínú àwọn tí wọ́n yọ ilé ọmọ wọn kí wọ́n tó pé ọdún kan, ó di ìdá 16. Nínú akọ, ó kúrò ní 7 dé 21. Okùn orúnkún tó já ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ìdá 7 nínú abo tí wọ́n tètè ṣe kò lè di ìtọ̀ mú dáadáa mọ́ nígbà tó yá, àwọn tí wọn kò fọwọ́ kàn kò sì ní in rárá. Ajá á dìde lórí ibùsùn rẹ̀, ibẹ̀ á ti tutù.

Ti jẹjẹrẹ ọmú: dókítà yín kò parọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1969 ló gbé nọ́ńbà tí gbogbo wa ń kà jáde. Tí a bá ṣe é kí híìtì àkọ́kọ́ tó dé, ewu ọmú kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ewu tí abo tí a kò fọwọ́ kàn ní. Tó bá ti rí híìtì kan, ó di ìdá 8. Tó bá rí méjì, ìdá 26. Àwọn èèyàn máa ń ka 26 yẹn bí ẹni pé ajá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò ṣàìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìfiwéra ni. Àwọn tó tún gbogbo ìwádìí wọ̀nyí yẹ̀ wò lọ́dún 2012 sọ pé ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó bí a ṣe rò. Nínú àwọn Ṣẹ́pádì tí mo sọ lókè, ìdá 4 abo tí wọn kò fọwọ́ kàn ló ní jẹjẹrẹ ọmú, àwọn tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó pé ọdún kan kò tó ìdá 1.

Nítorí náà, tí ẹ bá ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ń dáàbò bo ọmú, ẹ sì ń fi orúnkún àti ìtọ̀ wewu. Fún èkùkẹ́ tàbí Lásà, èmi náà á ní kí ẹ ṣe é kí híìtì tó dé. Fún Ṣẹ́pádì, rárá. Bíbímọ lẹ́ẹ̀kan ní tirẹ̀ kò fọ nǹkan kan mọ́, kò sì dènà àrùn kankan. Híìtì tó ń kọjá lára ajá kí a tó ṣiṣẹ́ abẹ ló ń yí ewu ọmú padà, ì báà bímọ, ì báà má bímọ.

Ògbójú Ìpẹru:
Dókítà, mo gbọ́ ti ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ti bíbímọ yìí, bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn abo mi tó sì ti bímọ tutù lóòótọ́.

Dókítà Ẹran Ṣágámù:
Wọ́n tutù torí wọ́n ti dàgbà, Bọ̀ọ̀dá. Abo Ṣẹ́pádì ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò bímọ rí náà ti máa ń tutù.

Ọlọ́kọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí “dúró” kò fi gbọ́dọ̀ di “gbàgbé”. Abo tiwa lóko, àdàlù Ṣẹ́pádì ni, a kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn híìtì kan, nígbà tó ti dàgbà dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ṣáá. Abọ́ omi kì í kún títí. Kò jẹun mọ́, ó ń bì, a rò pé majele eku ló jẹ. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ ibà, ó gbowó, ó lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọyún tó ń rùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ara rẹ̀. Kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà gidi, ara rẹ̀ ti tutù. Ó kú lórí tábìlì. Ó dùn mí di òní.

Dókítà Ẹran Ṣágámù:
Ẹ kú àdánù, Bọ̀ọ̀dá. Ilé ọmọ tó kún fún ọyún nìyẹn. Ó sábà máa ń yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn híìtì, nígbà tí họ́móònù tó ń múra ilé ọmọ sílẹ̀ fún oyún ṣì ga, tí kòkòrò àrùn sì rí ibi tó tù ú. Òùngbẹ yẹn ni àmì tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Nígbà míì ọyún kì í tilẹ̀ jáde, torí ẹnu ilé ọmọ ti pa dé, ìyẹn ló burú jù. Tí abo tí a kò fọwọ́ kàn bá ń mu omi àmujù lẹ́yìn híìtì, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ní Súwídìn, níbi tí wọn kì í sábà yọ ilé ọmọ ajá, wọ́n rí i pé bí ìdá mẹ́rin kan abo ló ń ní in kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́wàá. Ewu rẹ̀ kéré lọ́dọ̀ ọmọdé, ó ń ga bí ọjọ́ orí ṣe ń ga. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Àǹtí Adùnní sún un síwájú, n kò ní kó pa á tì.

Adùnní Mòbálùfọ̀n:
Ọlọ́run á tù yín nínú, Bọ̀ọ̀dá Ìjẹ̀bú-Igbó. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ fún mi. Tí mo bá dúró, di ìgbà wo? Kí ni mo sì máa ṣe fún àwọn èkùkẹ́ méjèèjì yìí?

Ògbójú Ìpẹru:
Ti èkùkẹ́ rọrùn. Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí wà ní kẹ́míìsì. Ẹ fún un ní ẹyọ kan, híìtì kò ní wá.

Dókítà Ẹran Ṣágámù:
Bọ̀ọ̀dá, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́. Họ́móònù tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn jẹ́ irú èyí tó ń mú kí ilé ọmọ kún fún ọyún, ó lè mú kókó jáde lọ́mú, ó sì lè fa ìtọ̀ ṣúgà. Èyí tí àwọn kan máa ń gún fún ajá lẹ́yìn tí akọ bá ti gùn ún náà léwu: ó lè ba ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá nínú eegun jẹ́. Tí akọ bá ti gùn ún, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. A lè yọ ilé ọmọ náà pẹ̀lú oyún kékeré inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ díẹ̀ sí i.

Àǹtí, ìṣírò yín rèé. Ajá yín pé oṣù 7. Ṣẹ́pádì sábà máa ń rí híìtì àkọ́kọ́ láàárín oṣù 8 sí 12, òmíràn a pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó dé ní oṣù 10. Á gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú ara rẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa kán, akọ á máa tẹ̀ lé e ṣùgbọ́n kò ní gbà fún un, á máa gbó mọ́ ọn. Ibi tí àwọn onílé ti máa ń ṣubú ni bí ọ̀sẹ̀ kejì: ẹ̀jẹ̀ á dín, á di bí omi tí a fi ṣan ẹran, wọ́n á ní ó ti parí, wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló gba akọ. Ẹ rọra fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ lókè ìrù: tó bá gbé ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó dúró gbọin, ọjọ́ ewu nìyẹn. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tì í mọ́nú yàrá títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò fi pé. Tó bá máa jáde, kó jẹ́ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ yín. Ẹ má so ó mọ́ igi ní ẹ̀yìnkùlé, akọ á fo ògiri wá bá a níbẹ̀.

Lẹ́yìn híìtì, ẹ má sáré gbé e wá fún iṣẹ́ abẹ. Nígbà híìtì, iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ ti wú, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ á pọ̀. Ní oṣù kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ara ajá ń ṣe bí aláboyún bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lóyún. Tí a bá gé e nígbà yẹn, ọmú á wú, á ní omi, á sì pẹ́ kó tó gbẹ. Ẹ jẹ́ kó tó oṣù méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Ní ti ajá yín, oṣù 14 ni ìyẹn bọ́ sí, kí híìtì kejì tó dé. Ẹsẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí gígùn, ewu ọmú kò tíì fò sókè, ògiri yín kò sì ní dojú kọ híìtì kejì.

Ògbójú Ìpẹru:
Dókítà, àwọn ará Kalifóníà yẹn kan náà ni mo rí lórí fóònù mi nísinsìnyí. Nínú èyí tí wọ́n kọ lọ́dún 2020, wọ́n ní kí Ṣẹ́pádì dúró títí yóò fi ju ọdún méjì lọ, akọ àti abo. Kí ló dé tí ẹ̀yin ń sọ oṣù 14?

Dókítà Ẹran Ṣágámù:
Ẹ káre, òótọ́ lẹ sọ. Tó bá jẹ́ ilé olódi gíga, tí ẹnì kan wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, èmi náà á lè gbà pé kó lé ní ọdún méjì. Ṣùgbọ́n híìtì á ti kọjá bíi mẹ́ta nígbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí akọ á fi máa fo ògiri kékeré. Oyún àìròtẹ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni ewu. Kókó ojú ara tí ajá ń kó ran ara wọn nípa gígùn wà lára àwọn ajá tó ń rìn kiri lágbègbè wa dáadáa. Ó máa ń rí bí ẹran tó yọ, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn onílé á sì rò pé híìtì ni. Abẹ́rẹ́ finkrísítíìnì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wò ó, ó sì máa ń sàn, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Olùṣọ́ Ọ̀dọ̀gbólú:
Èmi ni mo ń kọ́ ajá ní Ọ̀dọ̀gbólú, ó sì yẹ kí n fi tèmi kún ọ̀rọ̀ gbígbó. Yíyọ ilé ọmọ kì í gba ìṣọ́lé lọ́wọ́ abo. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ́sọ́nà ni gbígbó mọ́ àlejò ti ń wá, kì í ṣe inú ilé ẹyin. Sísanra tí Bọ̀ọ̀dá Ìpẹru sọ, òótọ́ ni pé ara ò ní béèrè oúnjẹ púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí náà ẹ dín abọ́ rẹ̀ kù bí ìdá márùn-ún kan, kẹ́ ẹ sì máa fọwọ́ tọ egungun ìhà rẹ̀ wò.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni bóyá ó ń gbó torí ìgboyà tàbí torí ẹ̀rù. Èyí tó ń gbó torí ẹ̀rù á fà sẹ́yìn, ìrù á wọ abẹ́, á gbó, á sì tún sá. Irú ajá bẹ́ẹ̀, mo ti rí i tí ojo rẹ̀ pọ̀ sí i lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kẹ́ ẹ mú un rìn lọ sí ọjà, kó rí ọ̀kadà, kó rí èèyàn púpọ̀, kó sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù ná. Ti akọ yàtọ̀: rírìn kiri, gígùn àti ìjà nítorí abo máa ń dín kù púpọ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ìjáni tó wá láti inú ẹ̀rù kì í lọ.

Dókítà Ẹran Ṣágámù:
Mo fara mọ́ èyí. Mo fi kún un pé akọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́dàá ṣì lè fún abo lóyún fún bí oṣù kan, torí àtọ̀ tó ti wà nínú iṣan kò tíì tán. Tí ẹni tó ni àwọn èkùkẹ́ yẹn bá gbà láti tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, kó ṣe é nísinsìnyí, kí híìtì tó dé.

Màmá Lásà, tiyín rọrùn. Ajá kìló 6 ti parí gígùn tipẹ́, oríkèé kò ní dí yín lọ́nà. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kórópọ̀n méjèèjì ti sọ̀ kalẹ̀. Tí ọ̀kan bá wà nínú ikùn, ó ṣe pàtàkì kí a yọ ọ́, torí èyí tó há sínú máa ń di jẹjẹrẹ ju èyí tó wà níta lọ. Ní ti títọ̀ sára àga, iṣẹ́ abẹ á dín in kù, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ti sọ ọ́ di àṣà. Ẹ fi oògùn tó ń pa òórùn ìtọ̀ fọ ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa mú un jáde lákòókò kan náà lójoojúmọ́.

Màmá Lásà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí! Ọdún mẹ́ta, n kò mọ̀ rárá.

Dókítà Ẹran Ṣágámù:
Ẹ má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Tí kò bá sí ẹni tó lè fi ẹ̀rọ yẹ ikùn rẹ̀ wò nítòsí yín, ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, Abẹ́òkúta, kò jìnnà púpọ̀ sí Ìkẹ́nnẹ́.

Ohun kan kù fún gbogbo yín. Kí ẹnikẹ́ni tó gé ajá yín, ẹ ní kó gba ẹ̀jẹ̀ wò. Eégbọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àrùn inú rẹ̀ sì máa ń dín ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù, ajá á máa ṣeré bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ìgbà tí ọ̀bẹ bá kàn án ni ẹ̀jẹ̀ kò ní dá. Ìpín sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀ ajá tó yá gágá wà láàárín 37 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ti rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, tàbí tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ funfun, tàbí tí ẹ rí àmì pupa wẹ́wẹ́ lára ikùn rẹ̀, ẹ tọ́jú àrùn eégbọn ná, kẹ́ ẹ sún iṣẹ́ abẹ síwájú.

Adùnní Mòbálùfọ̀n:
Ẹ ṣé o. Mo ti pe dókítà wa, mo ní kó má retí wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, ó ní oṣù 14 ti pẹ́ jù, pé àwọn tó ń dúró ni wọ́n máa ń gbé oyún wá bá òun. Mo ní kó bá mi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóṣù tó ń bọ̀. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti fi búlọ́ọ̀kù ìlà méjì kún ògiri.

Ọlọ́kọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ìlà méjì kò tó fún èkùkẹ́, Àǹtí. Ẹ ṣe é ní mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì di ojú àgbàrá tó wà lábẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ni tiwa ń gbà wọlé.

Ògbójú Ìpẹru:
Èmi ṣì ní ọdún méjì ni mo máa fi tèmi sí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì yẹn, mo ti gbọ́. Dókítà, abo Rọtiwélà mi kan tí mo gún lọ́dún tó kọjá ń mu omi jù láti ìjẹta. Ẹ jọ̀ọ́, àdúgbò wo lẹ wà ní Ṣágámù?

Dókítà Ẹran Ṣágámù:
Ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ báyìí, kẹ́ ẹ sì máa gbé e bọ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má sì gba omi lẹ́nu rẹ̀.